Mọ́gàjí ní Òru

(Yàrá mọ́gàjí ní agboolé kan ní Ọjà'ba, Ìbàdàn. Aago méjì òru ti lù. Àtùpà ń jó lórí tábìlì. Àpótí onípákó kan wà ní ṣíṣí lórí ẹní. MỌ́GÀJÍ, ẹni tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, dúró, ó di bébà àtijọ́ kan mú.)

MỌ́GÀJÍ: Ènìyàn mẹ́rin ló fọwọ́ sí ìwé yìí lọ́dún 1994: mọ́gàjí ìgbà náà, àwọn àgbà ẹbí méjì, àti èmi tí mo jẹ́ akọ̀wé ẹbí nígbà tí irun orí mi ṣì dúdú. Àwọn mẹ́ta ti lọ. Èmi nìkan ló kù tí mo lè sọ fún adájọ́ pé lóòótọ́ ni Ìyá Ẹlẹ́kọ ka 30,000 náírà lé wa lọ́wọ́ fún pulọ́ọ̀tì kan ní ọ̀nà Àkánrán, pé owó náà pé, àti pé a súre fún un pé ilẹ̀ náà yóò tù ú lára.

Ẹ̀dà tirẹ̀ ti bá omi lọ. Nígbà tí omi ya wọ ìlú Ìbàdàn ní oṣù kẹjọ ọdún 2011, tó kó ilé, tó kó ọkọ̀, tó kó ènìyàn, ó gbé àpótí rẹ̀ lọ nínú ilé tó ń háyà. Ó wá kúnlẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà yẹn, ó ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe jẹ́ kí tiyín sọnù.” Mo ní kó fọkàn balẹ̀. N kò gba kọ́bọ̀ lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n ìlérí ni.

(Ó gbé ìwé náà sún mọ́ iná àtùpà, ó tún yára fà á sẹ́yìn.)

Lọ́la, àgbẹjọ́rò ẹbí yóò dúró ní ilé ẹjọ́ gíga, yóò ní a kò tà á, pé a kàn fi obìnrin náà síbẹ̀ ni, pé ìṣákọ́lẹ̀ ló ń san. Mo mọ ìdí tó fi yan ọ̀rọ̀ yẹn. Ẹni tó ń san ìṣákọ́lẹ̀ lè pẹ́ lórí ilẹ̀ títí, kó bímọ síbẹ̀, kó sin òkú síbẹ̀, kò sọ ọ́ di onílẹ̀. Bí mo bá gbé Àlùkùránì, tí mo ní bẹ́ẹ̀ ni, yàrá méjì tó fi owó ẹ̀kọ kọ́ di tiwa, olówó tó ń dúró yóò sì sanwó kí oṣù tó parí.

Bó bá jẹ́ pé ojúkòkòrò ló ń tì wá, ǹ bá ti sùn. Ṣùgbọ́n Ìyábọ̀, ọmọ àbúrò mi, wà ní ọsibítù ńlá ní Òrítamẹ́fà, kíndìnrín rẹ̀ méjèèjì ti dáṣẹ́ sílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ni dókítà ní kí ẹ̀rọ máa fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ni agbára wa ká, nígbà mìíràn kò tilẹ̀ ká a. Mo ti ta oko kòkó mi. Àbúrò mi ti ta ọkọ̀ tó fi ń jẹun. Ilé yìí, ilé ẹbí ni, n kò lè tà á. Lánàá, ojú ọmọ náà wú, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, òun ló tún ń bi mí pé, “Bàbá mi, ṣé ẹ ti jẹun?”

Ìyábọ̀! Ìyá wa ló padà wá. Ta sì ni a tìtorí rẹ̀ ta ilẹ̀ lọ́dún 1994? Ìyá wa náà ni. Owó Ìyá Ẹlẹ́kọ la fi ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, ọdún mẹ́fà gbáko ló sì tún lò lókè eèpẹ̀. Obìnrin yìí ti fi owó tó ń gbé ẹ̀kọ kiri láti ìdájí kó jọ ra ẹ̀mí fún wa lẹ́ẹ̀kan. Ti ẹ̀ẹ̀kejì yìí, a kò tilẹ̀ fẹ́ bẹ̀ ẹ́. A fẹ́ já a gbà ni.

(Ó jókòó sí etí ibùsùn.)

Àwọn ọ̀dọ́ ẹbí pa òwe fún mi pé ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn. N kò rí èsì fọ̀ nígbà náà. Ṣùgbọ́n ìlẹ̀kẹ̀ ta ni? Ìdí ọmọ ọlọ́mọ ni wọ́n fẹ́ kí n ti já a!

Síbẹ̀, bí Ìyábọ̀ bá kú, àbúrò mi kò ní sọ̀rọ̀. Yóò dọ̀bálẹ̀ kí mi ní òwúrọ̀, yóò sì máa wò mí. N kò mọ̀ bóyá mo lè fara da ojú yẹn. Ohun tí mo mọ̀ ni pé bí ara ọmọ náà bá yá, tó bá bi mí níbi tí a ti rí owó, n óò tún ní láti purọ́ fún òun náà, títí tí n óò fi kú.

(Ó dìde. Ó ká ìwé náà, ó fi sínú àpò agbádá tó fi kọ́ sára ògiri.)

Ìwé yìí ń bá mi lọ sí kóòtù. Bí wọ́n bá fẹ́ yọ mí nípò mọ́gàjí, kí wọ́n yọ mí. Ṣùgbọ́n àbúrò mi kò gbọdọ̀ kọ́kọ́ gbọ́ ọ níwájú adájọ́.

(Ó mú fóònù, ó pè, ó dúró.)

Ìwọ náà kò sùn. Rárá, kò sí ohun tó ṣe mí. Ṣílẹ̀kùn fún mi, mo ń bọ̀ ní yàrá rẹ. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ Ìyábọ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ ni, mo ti pinnu. O lè bínú sí mi, àbúrò mi, ṣùgbọ́n jẹ́ kí n wà níwájú rẹ nígbà tí o bá ń bínú.

(Ó gbé àtùpà, ó jáde.)