Kóńgò Àkọ́kọ́ nínú Àpò Ẹ̀wà

Ẹ̀wà ni Ìyá Dúpẹ́ ń tà. Bí ó bá ti ń wọn kóńgò fún àwọn oníbàárà láti àárọ̀, Dúpẹ́, ọmọ rẹ̀ tí ó ti pé ọdún méjì, á jókòó ti àpò, láìrìn, láìṣeré. Nígbà tí ìyá rẹ̀ lóyún àbúrò rẹ̀ ni ó já a lẹ́nu ọmú, láti ìgbà náà ni ó sì ti jẹ́ pé ẹ̀kọ olómi tooro ni ó ń mu láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́, nítorí ìyá rẹ̀ gbà pé ẹ̀wà wúwo jù fún inú ọmọdé.

Ikùn Dúpẹ́ yọ róńdó, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kún, àwọn kan tilẹ̀ ń kí ìyá rẹ̀ pé ó ń tọ́jú ọmọ. Ṣùgbọ́n irun orí rẹ̀ tín-ín-rín, ó sì ti pọ́n. Ní ọjọ́ kan tí ìyá fẹ́ dì í fún un, ó fi ìyarun fà á jẹ́jẹ́, ìdì irun kan sì bá a jáde. Ọmọ náà kò sunkún. Àìsunkún yìí ni ó ba ìyá rẹ̀ lẹ́rù tí ó fi gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

Nọ́ọ̀sì fi àtàǹpàkò tẹ ẹ̀yìn ẹsẹ̀ ọmọ náà fún ìgbà díẹ̀, ó gbé e kúrò, ojú ibi tí ó tẹ̀ sì jin síbẹ̀. Ó tẹ ẹsẹ̀ kejì. Bákan náà ni.

“Màmá, omi ló wú u, kì í ṣe ẹran ara. Kí lẹ ń fún un jẹ?”

“Ẹ̀kọ ni, mà. Ó sì máa ń yó.”

Òótọ́ ni ó sọ, a kò sì gbọdọ̀ dá a lẹ́bi: ọmọ lè yó kí ara rẹ̀ má rí ohun tí yóò fi dàgbà. Nọ́ọ̀sì ṣàlàyé pé kuwaṣiọkọ ni, ọ̀rọ̀ àwọn Gá ilẹ̀ Gánà fún àìsàn tí ó ń mú ọmọ nígbà tí àbúrò bá gba ọmú lẹ́nu rẹ̀. Ó ní oúnjẹ tí ń mú ara dàgbà, bí ẹ̀wà, ẹyin, ẹja àti wàrà, kò tó lára rẹ̀, ìdí nìyẹn tí irun fi ń já, tí omi sì ń dúró sí ẹsẹ̀ àti inú.

Wọ́n dá wọn dúró. Wàrà pàtàkì ni wọ́n ń fún Dúpẹ́, díẹ̀díẹ̀ ní wákàtí mélòó kan síra, nítorí oúnjẹ púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà lè ṣe irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní jàǹbá.

Nígbà tí wọ́n padà sọ́jà, Ìyá Dúpẹ́ kì í tú àpò fún oníbàárà kankan kí ó tó bu kóńgò àkọ́kọ́ sọ́tọ̀ fún ilé. Ní alẹ́, á sè é kí ó rọ̀ dáadáa, á tẹ̀ ẹ́ pọ̀ mọ́ epo àti ẹja lílọ̀. Lẹ́yìn oúnjẹ, á fi àtàǹpàkò tẹ ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀, á gbé e kúrò, á sì sún fìtílà mọ́ ọn láti wò ó. Kò jin mọ́. Dúpẹ́ fa ẹsẹ̀ rẹ̀ gbà, ó sì sunkún pé kí wọ́n fi òun sílẹ̀.