Ètò Ìdánwò Ìtẹ́wọ́gbà fún Sọ́fítíwíà Tuntun Ẹgbẹ́ Alájẹṣẹ́kù Wa, Ìbàdàn

Sí: akápò, akọ̀wé ẹ̀yáwó Bódìjà, akọ̀wé ẹ̀yáwó Dùgbẹ̀, akọ̀wé tó ń bójú tó àyọkúrò owó oṣù, ayẹ̀wéowówò, alága ìgbìmọ̀ ẹ̀yáwó
Láti ọwọ́: alákòóso iṣẹ́ sọ́fítíwíà
Ọjọ́ Ajé, 29 oṣù Kẹsàn-án, 2025

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú ìnáwó ìparí oṣù.

Láti Ọjọ́ Ajé, 6 oṣù Kẹwàá, títí di Ọjọ́ Ẹtì, 10, ẹ óò jókòó ti sọ́fítíwíà tí a fẹ́ fi rọ́pò lẹ́jà àti fáìlì `Excel` wa. Ẹ óò fi ṣe iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe lójoojúmọ́, ẹ óò sì sọ bóyá ó gbé iṣẹ́ náà tàbí kò gbé e. Bí ẹ bá buwọ́lù ú, a bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó ní Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù Kọkànlá. Bí ẹ kò bá buwọ́lù ú, lẹ́jà ń bá iṣẹ́ lọ nìyẹn.

Díẹ̀ nínú yín ti sọ fún mi pé, “Èmi ò gbọ́ kọ̀ǹpútà, kí ni mo fẹ́ dán wò?” Àwọn tó kọ sọ́fítíwíà náà ti yẹ gbogbo bọ́tìnnì wò. Ohun tí wọn kò mọ̀ ni pé ní Dùgbẹ̀, ọmọ ẹgbẹ́ lè san ìdajì gbèsè oṣù ní owó ọwọ́, kó fi ìdajì ránṣẹ́ láti báǹkì lọ́jọ́ kejì, kí ọ̀kan nínú àwọn onídùúró rẹ̀ sì ti fẹ̀yìn tì láti àná. Ẹ̀yin lẹ mọ ìyẹn. Ẹ ṣe iṣẹ́ yín bí ẹ ṣe máa ń ṣe é. Ibi tí sọ́fítíwíà bá ti dí yín lọ́wọ́ ni a ń wá.

Ohun tó wà nínú ìdánwò yìí

Ẹ̀ka mẹ́ta ló kù: ẹ̀yáwó, àyọkúrò owó oṣù, àti ìparí oṣù. Ẹ̀ka ìfowópamọ́ ti ṣe tiwọn lọ́sẹ̀ tó kọjá, fọ́ọ̀mù wọn wà nísàlẹ̀ kí ẹ lè rí bí a ṣe ń kọ ọ́. Ti orí fóònù kò sí nínú rẹ̀, ọdún tó ń bọ̀ ni. Bákan náà, ẹ má yọ ara yín lẹ́nu nípa bí ó ṣe ń yá sí tàbí bí olè ṣe lè wọlé síbẹ̀. Àwọn mìíràn ni a gbé ìyẹn lé lọ́wọ́.

Ibi àti àkókò

Yàrá òkè ní ọ́fíìsì Bódìjà, aago mẹ́wàá àárọ̀ sí aago méjìlá ààbọ̀. A mọ̀ọ́mọ̀ yẹra fún ọjọ́ 25 oṣù sí ọjọ́ 3 oṣù tó tẹ̀ lé e, nítorí mo mọ ohun tí èrò máa ń fojú yín rí lákòókò yẹn. Alága ti gbà pé kí ẹlòmíràn dúró nídìí tábìlì fún yín. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má sáré wọlé láàárín tábìlì méjì: ẹni tó ń dá oníbàárà lóhùn kò lè dán nǹkan kan wò. Epo jẹnẹrétọ̀ wà nílẹ̀. Ṣùgbọ́n ní Ọjọ́rú, a óò dìídì pa íńtánẹ́ẹ̀tì nígbà tí akápò bá wà láàárín ìsanwó kan, ká lè rí bóyá owó yẹn á wọlé lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, tàbí kò ní wọlé rárá.

Àwọn tó kọ sọ́fítíwíà yóò wà nínú yàrá, lẹ́yìn. Àdéhùn wa pẹ̀lú wọn ni pé wọn kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan máòsì yín, wọn kò sì gbọdọ̀ ṣàlàyé. Bí wọ́n bá ní láti dìde wá sọ pé, “Mà, ibí lẹ máa tẹ̀,” àbùkù nìyẹn, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.

Owó àti orúkọ ìdánwò

Ẹ̀dà tí ẹ óò lò ní ìlà àwọ̀ ìyeyè gbàgàdà lókè, tí a kọ `TEST` sí. Bí ẹ kò bá rí i, ẹ dá ọwọ́ dúró, ẹ pè mí. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ inú rẹ̀ kì í ṣe ènìyàn gidi. Nọ́ńbà wọn bẹ̀rẹ̀ láti `ID001` dé `ID040`. Ẹ má ṣe tẹ orúkọ, nọ́ńbà fóònù tàbí nọ́ńbà BVN ọmọ ẹgbẹ́ kankan síbẹ̀, kódà tiyín. Òfin Ààbò Dátà Nàìjíríà ti 2023 kan ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù náà, gbogbo àwọn tó ń kọ sọ́fítíwíà ló sì ń rí ohun tó bá wà nínú ẹ̀dà yìí. A ti pa àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú, kí bàbá kan má baà gbọ́ lálẹ́ pé òun jẹ ìdajì mílíọ̀nù tí òun kò yá.

Káàdì iṣẹ́

Ẹnì kọ̀ọ̀kan yóò gba káàdì mẹ́rin sí mẹ́fà. Ọ̀rọ̀ oníbàárà ló wà lórí káàdì. A kò kọ bọ́tìnnì tí ẹ óò tẹ̀ síbẹ̀. Èyí tó lọ́rọ̀ nínú jù lọ nìyí:

> Káàdì 4 (akọ̀wé ẹ̀yáwó Dùgbẹ̀, lẹ́yìn náà alága ìgbìmọ̀ ẹ̀yáwó)
> `ID012` ní 250,000 náírà nínú ìfowópamọ́. Ó fẹ́ yá 510,000 náírà fún oṣù 12. Nígbà tí ẹ bá sọ fún un pé kò ṣeé ṣe, ó ní kí ó jẹ́ 500,000. Onídùúró rẹ̀ ni `ID007` àti `ID019`. `ID019` ti dúró fún ẹnì kan tẹ́lẹ̀, gbèsè yẹn kò tí ì tán. Ẹ ṣe é dé ibi tí owó ti jáde.
> Ohun tó yẹ kí ẹ rí: 510,000 kò wọlé, nítorí ó ju ìlọ́po méjì ìfowópamọ́ lọ. 500,000 wọlé. Sọ́fítíwíà gba `ID019`, nítorí òfin wa fàyè gba dídúró fún ènìyàn méjì. Èlé ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún jẹ́ 50,000. Àpapọ̀ gbèsè 550,000. Owó kò lè jáde kí alága tó tẹ `Approve`.
> Ẹ gbìyànjú èyí náà: kí akọ̀wé fúnra rẹ̀ tẹ `Approve`. Kò gbọdọ̀ gbà.
> Lẹ́yìn náà: ẹ fi `ID019` ṣe onídùúró ẹnì kẹta. Kò gbọdọ̀ gbà.

Ọ̀rọ̀ kan wà nídìí káàdì yìí tí mo fẹ́ kí ẹ ti máa rò kí ẹ tó dé. Bí a bá pín 550,000 sí ọ̀nà 12, kò pín délẹ̀. Nínú lẹ́jà, 45,833 náírà là ń gbà fún oṣù 11, a ó wá gba 45,837 ní oṣù tó kẹ́yìn. Sọ́fítíwíà ń gba 45,833.33 fún oṣù 11, ó ń gba 45,833.37 ní ìparí. Méjèèjì ló pé 550,000. Èwo la fẹ́? Kò sí ẹni tó kọ sọ́fítíwíà tó lè dáhùn ìyẹn fún wa. Àmọ́ ilé iṣẹ́ tó ń bá wa yọ owó lára owó oṣù kì í yọ kọ́bọ̀, nítorí náà bí a bá fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, gbogbo ẹni tó jẹ gbèsè ni yóò máa fi kọ́bọ̀ díẹ̀ ṣẹ́kù lóṣooṣù, ayẹ̀wéowówò á sì máa bi wá pé níbo ló wà. Èrò tèmi ni pé ká dúró lórí ti lẹ́jà. Akápò ni yóò sọ ọ́ di ìpinnu ní Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, a ó sì kọ ọ́ sórí fọ́ọ̀mù.

Ti àyọkúrò owó oṣù kò gùn: ẹ gbé fáìlì oṣù Kẹsàn-án tí a ti yí orúkọ inú rẹ̀ padà wọlé, ẹ tún gbé e wọlé lẹ́ẹ̀kejì bí ẹni tó gbàgbé. Ìgbà kejì gbọ́dọ̀ kọ̀. Ìparí oṣù: ẹ tẹ ìwé ìṣirò jáde, kí ayẹ̀wéowówò fi wé ti ọwọ́, ìlà sí ìlà.

Bí ẹ óò ṣe kọ àbùkù sílẹ̀

Ẹ má wá ọ̀rọ̀ gíga. Kọ ohun tí o ń ṣe, ohun tí o retí, ohun tí o rí, kí o sì ya àwòrán ojú kọ̀ǹpútà. Lẹ́yìn náà, fi sí ọ̀kan nínú mẹ́ta yìí:

1. Iṣẹ́ dúró, tàbí owó ṣìnà.
2. Iṣẹ́ ń lọ, ṣùgbọ́n ó ń ni wá lára.
3. Kò wuyì lójú.

Ẹ̀yin lẹ óò yan ipele. Bí àwọn tó kọ ọ́ bá rò pé ipele 1 yín yẹ kó jẹ́ 2, ẹ jọ sọ ọ́ ní ìpàdé aago méjìlá ọjọ́ náà. Bí ọ̀rọ̀ kò bá yanjú, ti akápò ni abẹ gé. Ẹ má sì rò pé ẹni tó kọ àbùkù púpọ̀ ni kò mọ iṣẹ́. Ẹni tí kò kọ ọ̀kan ṣoṣo ni màá wá jókòó tì.

Ìbuwọ́lù

Ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ náà ló ń buwọ́lù fún ẹ̀ka rẹ̀, akápò yóò buwọ́lù fún gbogbo rẹ̀. Ohun tí ìbuwọ́lù yín ń sọ ni pé, “Mo ti fi ṣe iṣẹ́ mi, mo rí ohun tó ṣe àti ohun tí kò ṣe, mo gbà ká bẹ̀rẹ̀.” Kò túmọ̀ sí pé ẹ ó san owó bí nǹkan bá bàjẹ́ lọ́la. “Ó dáa” lórí Wásáàpù kì í ṣe ìbuwọ́lù. Ìpinnu mẹ́ta ló wà: a gbà á, a gbà á pẹ̀lú àbùkù tí a kọ sílẹ̀, a kò gbà á. Bí àbùkù ipele 1 bá kù ẹyọ kan, èyí tó kẹ́yìn nìkan ló ṣeé yàn.

Fọ́ọ̀mù ẹ̀ka ìfowópamọ́ nìyí:

> FỌ́Ọ̀MÙ ÌTẸ́WỌ́GBÀ
> Ẹ̀ka: Ìfowópamọ́
> Ọjọ́ ìdánwò: 22 sí 24 oṣù Kẹsàn-án, 2025
> Ẹni tó dán an wò: akọ̀wé ìfowópamọ́ Bódìjà, akọ̀wé ìfowópamọ́ Dùgbẹ̀
> Káàdì: 9 ni a ṣe, 9 parí; 2 nínú wọn ni a tún ṣe lẹ́yìn àtúnṣe
> Àbùkù ipele 1: 1, a ti tún un ṣe, a sì tún un dán wò ní 24/9 (bí a bá tẹ `Save` lẹ́ẹ̀mejì, owó ń wọlé lẹ́ẹ̀mejì)
> Àbùkù ipele 2 tó kù: 1. Lórí rìsíìtì, ẹ, ọ àti ṣ inú orúkọ ń jáde bí àmì ìbéèrè. Àwọn tó kọ sọ́fítíwíà yóò tún un ṣe kó tó di 15/10.
> Àbùkù ipele 3 tó kù: 1. Àmì ẹgbẹ́ tóbi jù lórí rìsíìtì. Ó lè dúró di oṣù Kejìlá.
> Ìpinnu tí ẹ̀ka ṣe nínú ìdánwò: owó tó bá wọlé lẹ́yìn aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ jẹ́ ti ọjọ́ kejì.
> Ìpinnu: A gbà á pẹ̀lú àbùkù tí a kọ sílẹ̀.
> Ìbuwọ́lù: akọ̀wé Bódìjà, ó buwọ́lù ú, 24/9/2025, akọ̀wé Dùgbẹ̀, ó buwọ́lù ú, 24/9/2025
> Ẹlẹ́rìí: alákòóso iṣẹ́ sọ́fítíwíà, ó buwọ́lù ú, 24/9/2025

Ẹ wo ìlà àmì ìbéèrè yẹn dáadáa. Àwọn tó kọ sọ́fítíwíà kọ́kọ́ fi sí ipele 3. Akọ̀wé Dùgbẹ̀ ló ní rárá, pé ìyá tó bá rí àmì ìbéèrè nínú orúkọ ara rẹ̀ kò ní gbà pé owó òun ló wà níbẹ̀.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ ìdánwò

Ọjọ́ 13 sí 15 oṣù Kẹwàá ni a óò tún káàdì tó ní àbùkù ṣe. Ọjọ́ Ẹtì, 17, aago mẹ́wàá, ni ìbuwọ́lù, lórí ìwé, ní ẹ̀dà méjì. Ẹ̀ka tí kò bá gbà á kò dí ẹ̀ka yòókù lọ́wọ́ láti buwọ́lù, àfi ìparí oṣù: bí ìyẹn kò bá kọjá, a sún 3 oṣù Kọkànlá síwájú. Ní gbogbo oṣù Kọkànlá, a ó máa kọ lẹ́jà lọ pẹ̀lú rẹ̀. Mo mọ̀ pé iṣẹ́ ìlọ́po méjì ni, a ti bá ìgbìmọ̀ sọ̀rọ̀ lórí owó oúnjẹ ọ̀sán yín.

Ẹni tí kò bá ní lè wá ní ọjọ́ kankan nínú ọ̀sẹ̀ yẹn, kó pè mí kó tó di ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, 2 oṣù Kẹwàá, kó sì dárúkọ ẹni tó mọ iṣẹ́ náà tó lè dúró fún un. Kó má rán ọmọ iṣẹ́ ìjọba tó dé lóṣù tó kọjá wá, bó ti wù kó mọ kọ̀ǹpútà tó.