Àlọ Ni Ti Ahun

Yèyé ṣẹ̀ṣẹ̀ mú ọ̀bẹ láti bẹ iṣu ni igbe ta nínú yàrá. Bùsáyọ̀ ló di Dáre létí mú, ó fà á jáde sí ẹ̀yìnkùlé, ó ní kí ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ odó, kí ó na ọwọ́ méjèèjì sókè, kí ó sì dijú. Agolo tí Bùsáyọ̀ kó ẹ̀pà sísun rẹ̀ sí ti ṣófo. Èèpo pupa díẹ̀ ló kù nísàlẹ̀ rẹ̀.

"Yèyé, ẹ wò ó! Ó ti jẹ gbogbo rẹ̀ tán!"

"Olè jíjà kò dáa, Àkànní," ni Yèyé wí. "Kúnlẹ̀ síbẹ̀."

Ìyá Ìbejì gbé korobá rẹ̀ kọjá, ó ń lọ pọnmi. Ó bi wọ́n pé kí ni Dáre ṣe. Nígbà tí ó gbọ́, ó ní, "Ó tọ́ sí i! Ọwọ́ sókè, ọ̀gbẹ́ni olè ẹ̀pà!"

Iṣu méjì ni Yèyé bẹ. Iṣu tuntun ti dé ọjà ní Ìkẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n èyí tó ti pẹ́ nínú àká ni Yèyé mú. Omi ṣì pọ̀ nínú iṣu tuntun, bí wọ́n bá fi gúnyán, ńṣe ni yóò rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀. Ó gé iṣu náà sí wẹ́wẹ́ tó dọ́gba, kí apá kan má baà jinná kí apá kejì ṣì le. Ó ṣàn án, ó bu omi tó bò ó mọ́lẹ̀ sí i, ó dé ìkòkò.

Omi bẹ̀rẹ̀ sí í hó. Dáre ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá ti ń wálẹ̀, Bùsáyọ̀ á pariwo, "Gbé e sókè!"

Ìlà gùn nídìí ẹ̀rọ omi lọ́jọ́ yẹn, nítorí náà Ìyá Ìbejì pẹ́ kí ó tó padà. Ó rí Dáre, ó sọ korobá kalẹ̀.

"Háà! Láti ìgbà yẹn? Bùsáyọ̀, kí ló dé? Ṣé ó pààyàn ni?"

Ojú Bùsáyọ̀ le. "Ṣebí ẹ̀yin náà lẹ ní ó tọ́ sí i."

Yèyé rẹ́rìn-ín. "Àlọ ni ti ahun, àbọ̀ ni ti àna rẹ̀."

"Kí ni ahun ṣe, Yèyé?" Dáre béèrè láti ilẹ̀.

Yèyé ṣí ìkòkò, ó fi ọ̀bẹ gún iṣu kan. Àárín rẹ̀ ṣì le. "Kí iṣu yìí tó jinná, mo ti pa á tán. Àlọ́ o!"

"Àlọ̀!" Ohùn Dáre ló ròkè jù.

"Àlọ́ mi dá fìrìgbágbòó, ó dá lórí Ìjàpá Tìrókò, ọkọ Yánníbo, àti bàbá Yánníbo tí í ṣe àna rẹ̀. Ní ọdún kan, Ahun kò kọ ebè kan ṣoṣo. Nígbà tí àna rẹ̀ pe ọ̀wẹ̀, tí àwọn ọkọ ọmọ yòókù kó ọ̀rẹ́ wọn wá bá a ro oko, Ahun ránṣẹ́ pé ẹ̀yìn ń dun òun. Iṣu àna ta, ó gbó, ebi sì dé bá Ahun nílé. Lóru ọjọ́ kan, ó mú okùn, ó gba oko àna lọ.

"Ẹni tó mọ iṣu í wà, ẹ̀gbẹ́ ebè ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Á máa kó iyẹ̀pẹ̀ kúrò díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi kan ìdí iṣu. Ahun kò ní sùúrù yẹn. Ó di èyí àkọ́kọ́ mú lórí, ó fà á, ó dá sí méjì! Ó wa márùn-ún sí i, ó di mẹ́fẹ̀ẹ̀fà pọ̀, ó ń wọ́ ọ lọ. Ó dé ibi tí ìtì igi kan dábùú ọ̀nà. Ẹrù kò gòkè, Ahun kò gòkè. Ìbá sọ mẹ́ta kalẹ̀, ìbá ti délé kí àkùkọ tó kọ. Ahun ní mẹ́fà lòun fẹ́. Ibẹ̀ ni ilẹ̀ mọ́ bá a.

"Àna kò wá a títí. Ìrì bo gbogbo koríko, àfi ibi tí ẹrù iṣu wọ́ gbà. Ó tọ ipa náà dé ìdí ìtì, ó gba okùn lọ́wọ́ Ahun, ó fi dè é mọ́ ọ̀pẹ kan létí ọ̀nà. Ọjọ́ ọjà sì ni. Àwọn ọlọ́jà ń kọjá, wọ́n gbọ́ ohun tó ṣe, wọ́n ní, 'Iṣu àna rẹ? Àna tó yẹ kí o kọ ebè fún? Bàbá, ẹ fún okùn yẹn le sí i!' Àwọn ọmọdé wá ń kọrin. Ẹ gbè é:

"Ahun jíṣu o,"

"Ó tọ́ sí i!"

"Iṣu àna rẹ̀,"

"Ó tọ́ sí i!"

"Oòrùn gun orí ọ̀pẹ. Àna jókòó sábẹ́ ibòji, ó jẹyán, ó mumi. Kò fún Ahun lómi. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, àwọn ọlọ́jà ru agbọ̀n òfìfo padà. Wọ́n dúró. 'Ahun àárọ̀ yẹn nìyí? Ẹ fún un lómi?' Àna ní rárá. 'Ọkọ ọmọ yín? Bàbá àwọn ọmọ-ọmọ yín? Nítorí iṣu mẹ́fà?' Àgbà kan sọ ẹrù kalẹ̀, ó tú okùn. Kò sẹ́ni tó tún dárúkọ olè. Ìkà àna ni wọ́n ń sọ títí wọ́n fi délé."

"Ṣùgbọ́n Ahun ló jalè o, Yèyé," ni Bùsáyọ̀ wí.

"Òun ni. Ó jẹ̀bi láàárọ̀, ó ṣì jẹ̀bi nírọ̀lẹ́. Ẹ̀bi tirẹ̀ kò dín. Ti àna ló lé sí i. Ká ní ó gba iṣu rẹ̀, ó tú u sílẹ̀, ó sì ní kí ó wá kọ ogún ebè ní ọ̀túnla, ta ni yóò lanu bá a wí?"

"Ìgbà wo gan-an ló yẹ kí ó tú u?"

"Èmi máa ń wo ọwọ́ ẹni tí à ń bá wí. Ọwọ́ Dáre ti ń gbọ̀n látìgbà tí mo ti gbé iṣu kaná."

Bùsáyọ̀ wo ọwọ́ náà. "Dìde," ó ní. "Ẹ̀pà mi ńkọ́, Yèyé?"

"Agolo ẹ̀gúsí méjì ni yóò bó fún mi lónìí. Owó tí mo bá san fún un, tìẹ ni."

"Ẹ jọ̀ọ́, kí ó jẹ́ ọ̀kan," ni Dáre wí. Òkúta wẹ́wẹ́ ti tẹ ojú orúnkún rẹ̀.

"Méjì."

Iṣu ti jinná. Yèyé kó díẹ̀ sínú odó, ó fi ìyókù sílẹ̀ nínú omi gbígbóná, nítorí iṣu tó bá tutù kí wọ́n tó gún un, kókó ni yóò kún inú rẹ̀. Bùsáyọ̀ fẹ́ máa lu ú gbì-gbì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Yèyé dá a dúró: kí ó kọ́kọ́ rọra fi orí ọmọ odó tẹ̀ ẹ́ títí gbogbo rẹ̀ yóò fi fọ́, kí wọ́n tó kó òmíràn sí i. Ìgbà tí ó bá ti ń fà mọ́ odó ni wọ́n tó ń ta omi gbígbóná sí i, díẹ̀díẹ̀. Àwọn méjèèjì wá ń gún un tẹ̀lé ara wọn, gbì, gbì, gbì.

"Yèyé," ni Dáre pè, "iṣu tó dá sí méjì yẹn, ta ló jẹ ẹ́?"

"Iṣu tó bá ti dá kì í pẹ́ jẹrà. Òun ni àna fi gúnyán tó jẹ lọ́sàn-án."

"Kò sì fún Ahun?"

"Kò fún un ní òkèlè kan."

Dáre gbé àwo tirẹ̀ sún mọ́ Yèyé.