Àbẹ̀kẹ́, Jọ̀ọ́ Má Bínú

Àrádà,
Ògbómọ̀ṣọ́.
14 Oṣù Kẹjọ, 2025.

Àbẹ̀kẹ́ mi,

Mo kí ọ, mo kí Màmá, mo kí Ayọ̀mídé. Dọ̀tun àbúrò rẹ ló sọ fún mi pé ẹ dé Ọ̀yọ́ láyọ̀. O ò gbé fóònù mi, mi ò sì bá ọ wí. Ó tilẹ̀ dáa bẹ́ẹ̀. Bó bá jẹ́ orí fóònù ni, màá tún máa ro ẹjọ́ ni, o sì mọ bí ẹnu mi ṣe ń sáré. Nínú ìwé, mo lè fa igi lé ọ̀rọ̀ tí kò dáa kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ.

Mo pè ọ́ lólè. Mi ò ní pe ọ̀rọ̀ náà lórúkọ mìíràn, mi ò sì ní sọ pé ó kàn bọ́ lẹ́nu mi ni. Mo dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo pariwo orúkọ yẹn lé ọ lórí lójú Ìyá Kẹ́hìndé, lójú àwọn ọmọ iṣẹ́ mi, lójú ọmọ tí àwa méjèèjì bí. Ìyẹn ò tó mi, mo tún ní bí wọ́n ṣe ń ṣe nílé yín nìyẹn. Bàbá rẹ ti lọ, wọn ò lè dá mi lóhùn. Bàbá tó kó gbogbo owó orí padà fún ẹbí mi lọ́jọ́ ìdána, tí wọ́n ní àwọn ò ta ọmọ, ìtọ́jú ni àwọn ń fẹ́. Ilé bàbá yẹn ni mo na ìka sí. Bí mo bá rántí rẹ̀ lóru, mo máa ń dìde jókòó.

Ọmọ ọjà ni ọ́. Èmi káfíńtà, bí wọ́n bá ní àga mi ò dáa, màá kan òmíràn. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ta èlùbọ́ ní Wàsò, tí àwọn obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi owó àjọ sí lọ́wọ́, bí wọ́n bá gbọ́ lẹ́nu ọkọ rẹ̀ pé ọwọ́ rẹ̀ ò mọ́, ta ni yóò tún gbé owó fún un? Mo mọ èyí kí n tó la ẹnu. Ìbínú ò jẹ́ kí n kà á sí.

O ń ro ọkà lọ́wọ́ nígbà tí mo ṣí agolo bisikíìtì tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo ka owó pánù ilé tí a ń kọ́, ₦120,000 ló dín. Mi ò bi ọ́ léèrè ohunkóhun. O ò tíì sọ orógùn sílẹ̀ tí mo ti bẹ̀rẹ̀.

Lẹ́yìn tí o lọ, mo tún fa agolo yẹn jáde. Ìwé ìṣirò rẹ, èyí tí èèpo rẹ̀ jẹ́ búlúù, abẹ́ owó náà gan-an ló wà. Mo ti gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lọ́jọ́ náà kí n lè ráyè ka owó, mi ò sì ṣí i. Ojú ewé tó kẹ́yìn ni mo ti rí i: "Dọ̀tun, owó ilé ìwé, ₦120,000. Inú owó pánù. Màá dá a padà bí àjọ bá kàn mí, Oṣù Kẹsàn-án." O fa ìlà méjì sábẹ́ Oṣù Kẹsàn-án. Olè wo ló ń kọ iye tó mú sílẹ̀, tó tún fi ìwé náà síbi tí ẹni tó ni owó máa kọ́kọ́ fọwọ́ kàn?

Mi ò ní purọ́ fún ọ, ó ṣì ń dùn mí pé o ò sọ fún mi. Ṣùgbọ́n mo mọ ìdí tí o ò fi sọ. Nígbà tí Dọ̀tun ń wá owó fọ́ọ̀mù, o bá mi sọ ọ́, mo ní kí n má gbọ́ ọ mọ́, pé èmi kọ́ ni mo bí i. Ẹni tí a bá dá lóhùn báyẹn, ọ̀nà ẹ̀yìn ló kù fún un.

Dọ̀tun fúnra rẹ̀ wá lọ́jọ́ Ajé. Kò wọlé. Orí búlọ́ọ̀kù tó wà lẹ́nu ọ̀nà ló jókòó sí, ó ń bẹ̀ mí pé kí n má fi tòun tú ilé wa ká, pé òun á dá ẹ̀kọ́ dúró ní Ládòkè Akíntọ́lá, òun á lọ máa ṣe lébìrà kí òun fi dá owó náà padà. Ọmọ yìí ń dọ̀bálẹ̀ fún mi, èmi ló sì yẹ kí n máa bẹ̀ ẹ́. Mo ní kó gbàgbé lébìrà, kó tẹjú mọ́ ìwé rẹ̀. Òun náà ló mú lẹ́tà yìí wá fún ọ.

Ibi tí mo ti sọ ọ̀rọ̀ náà ni mo ti kọ́kọ́ kó o jẹ. Mo lọ bá Ìyá Kẹ́hìndé nínú yàrá wọn, mo pe àwọn ọmọ iṣẹ́ mi jọ, mo sọ fún wọn pé irọ́ ni mo pa mọ́ ọ. Mo tún lọ bá Ìyá Alájọ ní Wàsò, torí mi ò mọ̀ bóyá ó ti ta sí wọn létí. Ó ti ta sí wọn. Wọ́n jẹ́ kí n sọ tẹnu mi tán, wọ́n wá ní, "Àkànjí, létí èmi nìkan kọ́. Jókòó, dúró dè wọ́n." Mo jókòó sórí àpò èlùbọ́ títí àwọn ẹgbẹ́ rẹ fi pé, mo sì tún un sọ. Àwọn kan fi mí ṣẹ̀sín, ó tọ́ sí mi.

Bàbá onílé ń tù mí nínú pé ahọ́n àti ẹnu náà máa ń jà. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ṣùgbọ́n ìwọ ò bá mi jà lọ́jọ́ náà. Èmi nìkan ni mo ń jà.

Àbẹ̀kẹ́, mo fẹ́ kí a tún un bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe pé kí o kàn padà wá, kí a máa ṣe é bí a ti ń ṣe é tẹ́lẹ̀, torí bí a ti ń ṣe é tẹ́lẹ̀ ló bí èyí. Kí owó ilé di ohun tí a jọ ń jókòó tì, ìwọ pẹ̀lú ìwé rẹ, èmi pẹ̀lú tèmi, ní ìparí oṣù kọ̀ọ̀kan. Kí ọ̀rọ̀ Dọ̀tun di ti àwa méjèèjì. Pánù lè dúró, òjò ò tíì pa wá nínú ilé tí a háyà. Bí inú bá sì bí mi, màá jáde lọ sí ṣọ́ọ̀bù, màá lọ fá pákó títí yóò fi rọlẹ̀. Bí o bá rí i tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ níwájú ènìyàn, sọ "ṣọ́ọ̀bù" fún mi, màá lọ. Mo ti sọ fún bọ̀dá mi pé kí wọ́n máa bi ọ́ léèrè bóyá mò ń ṣe é, kí wọ́n má bi mí.

(Ní ti ọkà, mo ro ó lánàá. Kókó pọ̀ nínú rẹ̀ ju ọkà lọ. Àwọn ọmọ iṣẹ́ ní ó dùn, ìbẹ̀rù ló mú wọn sọ ọ́.)

Èmi àti bọ̀dá mi fẹ́ wá sí Ọ̀yọ́ ní Sátidé, 23 oṣù yìí, láti wá dọ̀bálẹ̀ fún Màmá. Bí ihò ojú ọ̀nà yẹn bá jẹ́ kí mọ́tò rìn, a ó dé kí wọ́n tó lọ sí Àkẹ̀sán. A ò wá mú ọ wálé. Ọjọ́ tí o bá fẹ́ wálé, ìwọ ni yóò mú un. Ayọ̀mídé náà wà lára àwọn tí mo fẹ́ bẹ̀, torí ó gbọ́ ohun tí mo pe ìyá rẹ̀, ó sì yẹ kó gbọ́ ọ lẹ́nu mi pé irọ́ ni.

Bí o ò bá tíì fẹ́ rí mi, sọ fún Dọ̀tun, bọ̀dá mi nìkan á wá, mi ò ní bínú. Èlùbọ́ tó kù nílé, mo ti sá a, kòkòrò ò tíì débẹ̀. Ìyá tó ń ta àmàlà ní Tákìé wá béèrè rẹ, mo ní kí wọ́n mú sùúrù, mi ò ta ọjà rẹ fún wọn torí mi ò mọ iye tí ẹ jọ ń ná an.

Èmi ni ọkọ rẹ,
Àkànjí.