Ohun tí Aró Bò Mọ́lẹ̀

Ní ọjọ́ Sátidé kan tí òjò kò jẹ́ kí a lọ sí ọjà, àwòrán méjì wọlé sórí fóònù mi láti ọ̀dọ̀ ọmọ ẹ̀gbọ́n Ìyá Àgbà tó ń gbé ní Ìbàdàn. Ó ń tú àpótí bàbá rẹ̀ tó ti di olóògbé ni ó rí pósíkáàdì kan tí wọ́n kọ orúkọ ìyá tó bí Ìyá Àgbà sí. Ó ya iwájú rẹ̀, ó ya ẹ̀yìn rẹ̀, ó sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé kí n bá òun bi Ìyá bóyá wọ́n mọ̀ ọ́n.

Ìyá Àgbà ń bó ẹ̀gúsí lọ́wọ́ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, níbi tí a ti máa ń rí Òkúta Olúmọ bí òjò kò bá bo ojú rẹ̀. Mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, mo sì fẹ àwòrán àkọ́kọ́ lójú. Ilé ńlá kan ni, etí omi ni wọ́n kọ́ ọ sí, ó ní ilé ìṣọ́ aláago méjì, ẹyẹ kọ̀ọ̀kan sì nà ìyẹ́ sórí wọn.

“Ẹyẹ yìí!” Ẹ̀gúsí bọ́ lọ́wọ́ wọn. “Ara ògiri yàrá ìyá mi ni ẹyẹ yìí wà títí wọ́n fi kú. Bọ̀ọ̀dá mi ló fi ránṣẹ́.”

Mo ṣí èkejì. Orí ọbabìnrin àwọn òyìnbó ló wà lára sítáǹpù náà, láìsí orúkọ ìlú kankan, nítorí Ìlú Ọba kì í kọ orúkọ ara rẹ̀ sára sítáǹpù rẹ̀. Orí ẹni tó wà lórí oyè nìkan ni wọ́n ń fi hàn. Ìdí òǹtẹ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́ ni mo wá orúkọ ìlú lọ. Ìdajì òǹtẹ̀ náà ti pa rẹ́, “RPOOL” ni mo rí, àti ọdún 1961.

“Lifapúù ni,” ni Ìyá Àgbà dá mi lóhùn. “Àpápá ni Bọ̀ọ̀dá ti wọ ọkọ̀ Aureol. Ìyá wa sin ín dé Èkó. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì ni ọkọ̀ náà fi ń lọ lórí omi nígbà náà.”

Ọ̀rọ̀ inú káàdì náà kò gùn. Ẹni tó kọ ọ́ kò fi àmì kankan sí i, ìbáà ṣe ti òkè tàbí ti ìsàlẹ̀, ọ̀nà àtijọ́ ni ó sì gbà kọ ọ́, tó bẹ́ẹ̀ tí “nyin” tó wà níbẹ̀ kọ́kọ́ dà bí àṣìkọ lójú mi. Báyìí ni mo ṣe rí i:

“Iya mi owon, mo ki nyin, mo ki gbogbo ile. Otutu ihin po, sugbon ara mi le. Mo ti ri ise nihin leba ebute. E ma fi owo ranse si mi”

Lẹ́yìn ìyẹn ni àbàwọ́n kan bo ohun tó tẹ̀ lé e. Ní ìsàlẹ̀ ni a tún ti rí “aburo mi n’iwe”, àti “Omo nyin”.

N kò tíì la ẹnu tí Ìyá Àgbà fi ka gbogbo rẹ̀ lórí bí ẹni ka orin ìjọ: “Mo ti rí ìṣẹ́ níhìn-ín lẹ́bàá èbúté. Ẹ máa fi owó ránṣẹ́ sí mi. Mo kí àbúrò mi nínú ìwé. Ọmọ yín.”

Ọmọ aládùúgbò kan tó ṣì wà ní ilé ìwé ló kà á fún ìyá wọn ní ọjọ́ tí ó dé. Ìyá náà kò mọ ìwé, aláró ni wọ́n. Bí wọ́n ṣe gbọ́ pé ìṣẹ́ ń jẹ ọmọ wọn ní ìlú òtútù ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi gbogbo èrè ọjà Ìtòkú ránṣẹ́ sí i. Ní ọdún yẹn gan-an ni Ìyá Àgbà parí ìwé mẹ́fà. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ti sọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́ láti ọdún 1955, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ lọ sí girama yóò san owó. Kò sí owó. Wọ́n fi ìyẹ́ adìẹ lé ọmọbìnrin náà lọ́wọ́, ó sì ń fi ẹ̀kọ ya iṣẹ́ sára aṣọ àdìrẹ.

“N kò bá Bọ̀ọ̀dá jà rí,” ni wọ́n wí. “N kò sì bi í rí.”

Mo tún káàdì náà kà sókè, bí ó ṣe wá sí mi lẹ́nu: “Mo ti rí iṣẹ́ níhìn-ín…”

“Kí lo pè é?”

“Iṣẹ́ ni, Ìyá.”

“Ìṣẹ́ ni, Àbẹ̀kẹ́. Ìṣẹ́ ni wọ́n kà fún wa.”

“Ṣùgbọ́n wọn kò fi àmì sí i, Ìyá. Ẹ̀bá èbúté ni wọ́n sì wà, níbi tí wọ́n ti ń já ẹrù ọkọ̀. Wọ́n ní òtútù pọ̀, ‘ṣùgbọ́n’ ara àwọn le. Ṣé ẹni tí ìṣẹ́ ń jẹ ni yóò sọ bẹ́ẹ̀?”

Wọn kò fèsì. Ọ̀rọ̀ kejì ló wá ń bà mí lẹ́rù, nítorí bí ti àkọ́kọ́ bá yí padà, kò sí bí ti èkejì kò ṣe ní í yí. Lójú ẹni tó ń kọ̀wé láìfi àmì sí i, “ma” ni “má”, “ma” náà sì ni “máa”. Ọ̀rọ̀ kékeré yìí ló yẹ kó sọ bóyá ọmọ ń bẹ̀bẹ̀ ni tàbí ó ń kọ̀.

“Ìyá, kí ni ó bo ibí yìí?”

Wọ́n súnmọ́ fóònù. Àbàwọ́n náà rí roboto, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ sì yí ara wọn po nínú rẹ̀ bí ojú ìka. “Aró ni. Àtàǹpàkò ìyá mi nìyí. Ìdí ìkòkò ẹlú ni wọ́n wà nígbà tí ẹni tó ń pín lẹ́tà dé. Wọn kò dúró fọ ọwọ́.”

Mo wọ ibi tí a ti ń tún àwòrán ṣe lórí fóònù, mo bọ́ gbogbo àwọ̀ rẹ̀ kúrò, mo sì fi ìmọ́lẹ̀ kún un díẹ̀díẹ̀. Aró náà ṣá, ó di bí eérú, íǹkì dúdú tó wà lábẹ́ rẹ̀ sì kọ̀ kò ṣá. “M” ló kọ́kọ́ yọ, “o” tẹ̀ lé e pẹ̀lú àmì ìdánudúró. Lẹ́yìn náà ni “E fi”. Ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn nìkan ló pẹ́ lójú wa, mo rò pé “ki” ni, àfi ìgbà tí Ìyá Àgbà ní kí n wo bí “i” Bọ̀ọ̀dá ṣe máa ń rí nínú “mi”. Kò rí bẹ́ẹ̀. “Ko” ni.

“Ẹ má fi owó ránṣẹ́ sí mi mọ́. Ẹ fi kọ́ àbúrò mi níwèé.”

Òjò ti ń dá. Ìyá Àgbà gbá èèpo ẹ̀gúsí jọ sójú kan, wọ́n tún tú u ká.

“Ní ọjọ́ tí a sin ìyá wa,” ni wọ́n wí, “Bọ̀ọ̀dá dúró tì mí, ó ní, ‘Mo ní kí wọ́n má ṣe é, wọn kò gbà.’ Mo rò pé iṣẹ́ aró ni ó ń sọ.”

Wọ́n gba fóònù lọ́wọ́ mi, wọ́n ní kí n dá àwọ̀ rẹ̀ padà bó ṣe wà. Nígbà tí aró náà padà, wọ́n gbé àtàǹpàkò tiwọn lé orí ti ìyá wọn. Àwòrán náà yọ́ lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan.

“Ó ti lọ!”

“Kò lọ, Ìyá.” Mo fà á padà.

“Tún un kà fún mi,” ni wọ́n wí. “Má sáré.”