Òfin gáréèjì wa l'Ọ̀jọ́tà: iye èrò, ìsinmi dírẹ́bà àti ààbò èrò

Òfin yìí bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé, ọjọ́ 5 oṣù Kìíní ọdún 2026. Ó de gbogbo ọkọ̀ tó ń gbèrò ní gáréèjì yìí, ì báà jẹ́ Ìkòròdú ló ń lọ, ì báà jẹ́ Ọbáléndé. Ó de dírẹ́bà, ó de kọ́ńdọ́, ó sì de ẹni tó ni ọkọ̀. Ẹni kẹta yìí ni òfin gáréèjì kì í sábà bá wí, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ ni owó dẹlífárì tí dírẹ́bà ń san lójúmọ́ wà, owó dẹlífárì ló sì ń lé dírẹ́bà kó tó dà bíi pé òun fúnra rẹ̀ ló ń sáré.

Iye èrò

Bọ́ọ̀sì Tòyótà tí a ń pè ní Họ́mà yóò gbé ènìyàn 14 láì ka dírẹ́bà: ẹnì kan níwájú, mẹ́ta-mẹ́ta ní ìlà mẹ́ta, mẹ́rin ní ìlà tó kẹ́yìn. Kọ́ńdọ́ wà nínú 14 yẹn. Ìjókòó ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn ni tirẹ̀, kò sì gbọdọ̀ tà á. Kórópè yóò gbé 7: ọ̀kan níwájú, mẹ́ta-mẹ́ta lẹ́yìn. Ní ti Fáragọ́ǹ àti àwọn ọkọ̀ àtijọ́ yòókù, iye tó wà nínú ìwé ọkọ̀ ni a ó tẹ̀ lé, kì í ṣe iye tí wọ́n ti ń gbé láti ọjọ́ pípẹ́ wá. Kí olúkúlùkù kun iye ènìyàn tí ọkọ̀ rẹ̀ ń gbé sára ilẹ̀kùn níta, kí nọ́ńbà náà tóbi tó àtẹ́lẹwọ́, kí èrò lè kà á kó tó wọlé.

Mẹ́rin-mẹ́rin lórí ìjókòó ẹni mẹ́ta ti dópin. Méjì níwájú náà ti dópin: èrò tó jókòó sáàárín máa ń fi orúnkún dí ọ̀pá jíà, kò sì ní bẹ́líìtì. Pákó àtàṣímẹ́ǹtì tí wọ́n ń gbé dí ojú ọ̀nà àárín ọkọ̀, kí a yọ ọ́ kó tó di ọjọ́ tí òfin bẹ̀rẹ̀. Bí iná bá ṣẹ́ yọ, pákó yẹn ni kò ní jẹ́ kí àwọn ará ẹ̀yìn dé ilẹ̀kùn.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní ènìyàn kan wọn kìló 70. Dírẹ́bà àti ènìyàn 14 jẹ́ kìló 1,050, ẹrù ọwọ́ wọn kò sí nínú rẹ̀. Bí ẹ bá fi ẹnì kọ̀ọ̀kan kún ìlà mẹ́ta, tí ẹ tún fi ẹnì kan kún iwájú, ẹ ti fi kìló 280 lé e: ó ju àpò sìmẹ́ńtì márùn-ún lọ. Àwọn táyà ẹ̀yìn ló ń gba èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ táyà á máa tẹ̀, á máa nà, á gbóná. Bí atẹ́gùn inú rẹ̀ bá tún kéré, ooru yẹn á pọ̀ sí i, títí okùn inú rọ́bà á fi já. Ẹ̀yìn tó wúwo tún máa ń gbé iwájú sókè díẹ̀, sítíárì á fúyẹ́ lọ́wọ́, ọkọ̀ kò ní fẹ́ yí sí ibi tí a darí rẹ̀ sí lórí títì tó tutù.

Lára táyà ni a ti lè ka agbára rẹ̀. Bí ẹ bá rí 106/104, nọ́ńbà iwájú túmọ̀ sí pé táyà kan lè ru kìló 950 bó bá dá wà. Èyí ẹ̀yìn, kìló 900 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, bó bá jẹ́ méjì ló so pọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan. Táyà ọkọ̀ kékeré tí nọ́ńbà rẹ̀ kò tó ohun tó wà nínú ìwé ọkọ̀ kò gbọdọ̀ wọ bọ́ọ̀sì, bó ti wù kó tuntun tó. Ẹ wo ọjọ́ orí rẹ̀ pẹ̀lú: nọ́ńbà mẹ́rin nínú àmì kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. 1821 ni pé ọ̀sẹ̀ 18 ọdún 2021 ni wọ́n ṣe é. Táyà tó ti lé lọ́dún mẹ́rin kò ní jáde ní gáréèjì yìí. Tòkúnbọ̀ ló máa ń tan ènìyàn jẹ jù: ojú rẹ̀ á nípọn bíi tuntun, rọ́bà inú rẹ̀ ti gbẹ.

Ẹrù kò gbọdọ̀ dí ojú ọ̀nà sí ilẹ̀kùn. Gáàsì ìdáná, jálá tí epo bẹntiróò wà nínú rẹ̀, àti jẹnẹrétọ̀ tí wọn kò tíì da epo inú rẹ̀ nù, kò gbọdọ̀ bá èrò wọkọ̀. Kí kọ́ńdọ́ má jiyàn lórí èyí.

Wákàtí iṣẹ́ àti ìsinmi

Dírẹ́bà kò gbọdọ̀ wakọ̀ ju wákàtí mẹ́rin lọ láì sinmi fún ìṣẹ́jú 30. Ìsinmi ni pé ó sọ̀ kalẹ̀. Ẹni tó jókòó sórí sítíárì nígbà tí ọkọ̀ ń kún kò sinmi. Àpapọ̀ wákàtí ìwakọ̀ lójúmọ́ kò gbọdọ̀ ju 9, bẹ́ẹ̀ ni láti ìgbà tó dé gáréèjì láàárọ̀ títí tó fi jọ̀wọ́ kọ́kọ́rọ́ kò gbọdọ̀ ju 12. Kó tó tún padà wá, wákàtí 10 gbọdọ̀ ti kọjá, nítorí ẹni tó ń gbé Ìkòròdú á lo tó wákàtí méjì lọ́nà nínú rẹ̀. Ọjọ́ kan pátápátá lọ́sẹ̀ ni ti ìsinmi.

Wákàtí tí ẹ lò nínú gosíló, iṣẹ́ ni. A ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn kan pé "mi ò kúkú rìn, mo kàn dúró ni." Ẹsẹ̀ òsì tó ń tẹ kílọ́ọ̀ṣì láti Ketú títí dé Maríláńdì kò gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀.

Báyìí ni ẹ ó ṣe mọ̀ pé oorun ti wọlé: ẹ dé Fádèyí, ẹ kò rántí ìgbà tí ẹ kọjá Onípàánù. Kì í ṣe pé ọpọlọ ń ro nǹkan mìíràn. Ó ti ń sùn pẹ̀lú ojú lílà. Lórí ìwọ̀n 80 kìlómítà ní wákàtí kan, ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta péré ń gbé ọkọ̀ lọ tó mítà 66 láìsí ẹni tó ń wà á. Obì, orógbó àti kọfí kì í yọ oorun, wọ́n kàn ń sún un síwájú ni. Ẹni tó bá rí àmì yìí, kó bọ́ sí ibùdókọ̀ tó kàn, kó pe dírẹ́bà sípíà. Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, a kò sì ní gba fáìnì lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọtí, paraga, ṣẹ́pẹ́, igbó, kódíìnì àti trámádọ́ọ̀lù: kò sí "ìwọ̀n díẹ̀" níbí. Oògùn ọ̀fìnkìn náà wà lábẹ́ òfin yìí, pàápàá Pírítọ̀nì, tó máa ń mú oorun wá. Ẹni tó bá lò ó láàárọ̀ kò ní wakọ̀ lọ́jọ́ náà.

Ó kan ẹ̀yin ọlọ́kọ̀ wàyí. Dẹlífárì ọjọ́ mẹ́fà ni ẹ ó máa gbà lọ́sẹ̀. Ọjọ́ keje ni mẹ́káníìkì ń ṣàyẹ̀wò ọkọ̀. Bí akọ̀wé àkókò bá dá dírẹ́bà dúró nítorí wákàtí rẹ̀ ti pé, ẹ kò gbọdọ̀ kọ ìyókù owó ọjọ́ náà sílẹ̀ bíi gbèsè. Ẹ lè fi sípíà tí ìwé rẹ̀ pé sórí ọkọ̀. Ọlọ́kọ̀ tó bá lé dírẹ́bà lọ nítorí pé ó sinmi, ọkọ̀ rẹ̀ kò ní gbèrò níbí fún ọ̀sẹ̀ méjì. A mọ̀ pé èyí máa dun àwọn kan.

Kí ọkọ̀ tó jáde láàárọ̀

Dírẹ́bà ni kó yẹ̀ ẹ́ wò, kó má rán kọ́ńdọ́. Kó tẹ búrékì mọ́lẹ̀ gírígírí fún ìṣẹ́jú àáyá 30: bí ó bá ń rọra rì lábẹ́ ẹsẹ̀, ibì kan ń jò. Bí ọ́ìlì búrékì bá dínkù, ọ́ìlì búrékì gan-an ni kí ẹ fi kún un. Omi ọṣẹ tí àwọn kan ń dà sí i máa ń hó nígbà tí búrékì bá gbóná, oru rẹ̀ á kún inú páìpù, ẹsẹ̀ á wọlẹ̀ ní ìsọ̀kalẹ̀ afárá, ọkọ̀ kò sì ní dúró. Ẹ yẹ nọ́ọ̀tì táyà wò, iná ẹ̀yìn, wáípà, àti ojú irin tí ilẹ̀kùn ń yọ́ lé lórí. Ilẹ̀kùn tí a fi okùn so kò gbọdọ̀ gbèrò. Táyà àpamọ́, jáàkì, sípánà, ohun ìpaná, àpótí ìtọ́jú àkọ́kọ́ àti àmì ìkìlọ̀ onígun mẹ́ta gbọdọ̀ wà nínú ọkọ̀. Ìwé àṣẹ ìwakọ̀ àti ìwé ìyẹ̀wò ọkọ̀, tí a ń tún gbà lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún fún ọkọ̀ akérò, kò gbọdọ̀ jìnnà sí dírẹ́bà.

Èrò inú ọkọ̀

Ilẹ̀kùn gbọdọ̀ ti tì kí jíà tó wọlé. Kọ́ńdọ́ kò ní so rọ̀ mọ́ ilẹ̀kùn, kò ní fò wọlé, kò ní fò bọ́ sílẹ̀. A mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń kọ́ iṣẹ́ náà; kí wọ́n kọ́ ọ lákọ̀tun.

Ibùdókọ̀ nìkan ni èrò ti ń wọ̀, ibẹ̀ náà ló ti ń sọ̀. Wíwà ní ojú ọ̀nà BRT àti wáńwéè jẹ́ èèwọ̀, àní nígbà tí òjò bá ti dí ọ̀nà. Láàárín ìlú, ìwọ̀n eré kò gbọdọ̀ ju 50 kìlómítà ní wákàtí kan.

Ìyá tó pọnmọ kò gbọdọ̀ jókòó pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn. Bí ọkọ̀ mìíràn bá gbá tiwa lẹ́yìn, ẹ̀yìn ìyá ló máa tẹ ọmọ mọ́ ìjókòó. Kí kọ́ńdọ́ fi ọ̀wọ̀ sọ fún un pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ sọ ọmọ kalẹ̀ kí n tó ti ilẹ̀kùn," kó sì dúró dè é. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 12 kò ní jókòó níwájú.

Kọ́ńdọ́ gbọdọ̀ mú ṣénjì kúrò nílé. Ìdí tí èyí fi wà lábẹ́ ààbò ni pé "mo dà yín pọ̀ o" ló ń mú èrò méjì tí kò mọ ara wọn rí dúró sójú títì láti wá ẹni tí yóò ṣẹ́ owó fún wọn, tí ọkọ̀ ẹ̀yìn sì ń bọ̀.

Bí ọkọ̀ bá bàjẹ́ lórí Afárá Third Mainland, kí dírẹ́bà fà á sí etí ọ̀tún, kó tan iná ìkìlọ̀, kó gbé onígun mẹ́ta náà sẹ́yìn ní ìgbésẹ̀ 50. Ẹ̀gbẹ́ irin afárá ni èrò á dúró sí, kì í ṣe iwájú ọkọ̀ tàbí ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ pe 767 tàbí 112. Ti àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ni 122. Kọ́ńdọ́ á dá owó èrò padà tàbí kó bá wọn wá ọkọ̀ mìíràn, kó tó wá mẹ́káníìkì.

Ìjìyà

Ẹni tó bá gbé ju iye lọ, àwọn tó lé náà á sọ̀, owó wọn á padà sí ọwọ́ wọn, ọkọ̀ náà á sì lọ sí ẹ̀yìn ìlà. Lẹ́ẹ̀kejì, ọjọ́ mẹ́ta nílé. Lẹ́ẹ̀kẹta, kí ó wá gáréèjì mìíràn. Ọtí àti igbó kò ní lẹ́ẹ̀kejì. Akọ̀wé àkókò tó bá kọ wákàtí èké sínú ìwé nítorí owó ọbẹ̀ yóò fi ipò sílẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Èrò tó bá ní ẹ̀sùn lè wá sí tábìlì akọ̀wé lábẹ́ agbòjò pupa, láti agogo mẹ́fà òwúrọ̀ sí mẹ́wàá alẹ́, pẹ̀lú nọ́ńbà ọkọ̀ àti aago tó wọ̀ ọ́. Akọ̀wé gbọdọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ lójú ẹni náà, dírẹ́bà kò sì gbọdọ̀ wà nítòsí nígbà tí ó bá ń sọ̀rọ̀.