Ìdágbére Akọ̀wé Ẹgbẹ́ Àdúgbò

Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ àdúgbò wa ní Apẹ̀tẹ̀, mo kí yín o. Láti ìgbà omíyalé oṣù kẹjọ ọdún 2011, tó gbé afárá wa lọ, ni mo ti ń ṣe akọ̀wé yín. Ní ìparí oṣù yìí, mo fẹ́ fi ipò náà sílẹ̀. Ìyá mi ní Ìsẹ́yìn ti dàgbà, ó yẹ kí n lọ dúró tì wọ́n.

N kò gba owó oṣù, n kò sì bèèrè. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo bí ìbejì, ẹ̀yin lẹ ń gbé oúnjẹ wá, ẹ̀yin lẹ ń fọ aṣọ. Kò lè kúrò lọ́kàn mi láéláé.

Ẹ jọ̀ọ́, iṣẹ́ gọ́tà òwúrọ̀ Sátidé kò gbọdọ̀ dúró. Kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ ni kí ẹ kó pàǹtírí ojú odò; tí odò bá ti kún, ó ti pẹ́ jù. Àwọn ọmọ tó ń da ọ̀rá sí gọ́tà, ẹ má jágbe mọ́ wọn, ẹ fún wọn ní ṣọ́bìrì. Irú wọn ló di òṣìṣẹ́ wa tó dára jù.

Ìwé ìpàdé àti ìwé owó ti wà lọ́wọ́ Alága. Nọ́ńbà mi kò yí padà. Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an.